Kí Ló Dé Tí Ẹran Kì Í Pọ́n Tí Omi Bá Wà Lára Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ẹran díndín ni a fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ohun tí a ń fi sí ẹran o, kì í sì í ṣe irú ẹran tó yẹ ká rà. Ohun kékeré méjì péré ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò: omi tó wà lára ẹran kí ó tó wọ inú òróró, àti iye ẹran tí a ń dà sínú páànù lẹ́ẹ̀kan náà.

Arábìnrin kan tó ń ta ìrẹsì àti ọbẹ̀ ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ẹran òun kì í pọ́n. Ó ní tí òun bá ti dà á sínú òróró, ńṣe ni yóò máa hó bí ìgbà tí èèyàn ń se ọbẹ̀, òróró á máa ru fọ́ọ́mù, ẹran á sì funfun lára bí ẹran aláìsàn. Nígbà tí yóò bá fi pọ́n, ó ti le koko, àwọn oníbàárà sì ń ráhùn pé eyín ń dun àwọn. Ó ní gáàsì òun kì í pẹ́ tán mọ́, ẹran tí òun ń gbé jáde sì ń kéré sí i. Ó wá bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òróró tí mo ń rà ni kò dáa ni, àbí màlúù tó ti darúgbó ni wọ́n ń tà fún mi?”

Ẹ̀gbọ́n mi, ó ṣeé ṣe kí màlúù náà ti dàgbà lóòótọ́, mi ò lè fi ìyẹn búra. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, láti orí fọ́ọ́mù dé orí gáàsì, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà wá. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí, níwájú àwọn èèyàn púpọ̀.

Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà náà. A ń ṣe ìkómọ nílé wa ní Ìbàdàn, wọ́n sì ní kí n lọ bá wọn dín ẹran lẹ́yìnkùlé. Kílò márùn-ún ni ẹran náà, wọ́n ti sè é. Ojú ti ń kán mi nítorí àwọn ọ̀rẹ́ mi ti dé. Ni mo bá fi ìgbákọ bu ẹran látinú omi rẹ̀, bó ṣe ń kán tótó, mo dà á sínú òróró tó ti gbóná. Mo bu òmíràn lé e. Mo tún bu òmíràn lé e. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, òróró ti ru dé ẹnu ìkòkò, ó ń ta pàrà káàkiri, ó sì ta sí mi ní ọrùn ọwọ́. Àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Mo bomi sí ọwọ́ mi, mo padà wá, ẹran náà sì wà nínú òróró bí ohun tí wọ́n fi sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ìyá alásè tó ń bójú tó wa ló wá bá mi. Ó wo ìkòkò, ó wo ojú mi, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ò ń dín ẹran yìí ni, àbí ò ń sè é lẹ́ẹ̀kejì?” Mo ní, “Ẹ má bínú, mà.” Kò bínú náà. Ó dín iná kù, ó kó gbogbo ẹran náà jáde, ó tẹ́ ẹ sórí àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó ní kí n máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tó yá, ó ń fi ẹran díẹ̀díẹ̀ sínú òróró, ìwọ̀nba tí wọn kò fi ní gun ara wọn. Ẹ ò ní gbà gbọ́ bí ẹran náà ṣe pọ́n. Kò ṣàlàyé fún mi, èmi náà kò sì bèèrè. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé ìbéèrè tó bi mí yẹn gan-an ni àlàyé. Sísè ni mo ń sè é lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara omi. Gbogbo wa la mọ̀ pé omi máa ń hó ní 100 dígíríì Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ohun tí a kì í fi sọ́kàn ni pé bó ti wù kí iná pọ̀ tó lábẹ́ ìkòkò tí kò ní ìdérí, omi tó ń hó nínú rẹ̀ kò ní gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣí iná sí ìpẹ̀kun, yóò kàn máa hó kíkankíkan ni, yóò sì máa gbẹ kíákíá. Iná tí ẹ fi kún un, sísọ omi di èéfín ló ń ná an lé lórí. Tí mo bá ní èéfín omi, mo ń sọ nípa ohun funfun tó ń jáde nígbà tí a bá ṣí ìkòkò ìrẹsì, kì í ṣe èéfín igi.

Bákan náà ló rí lára ẹran. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà lára ẹran, ojú ẹran náà kò ní kọjá nǹkan bíi 100 dígíríì, kódà kí òróró tó yí i ká jẹ́ 180. Omi yẹn ló ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ iná, bí ẹni fi aṣọ tútù bora.

Pípọ́n sì nìyí, ohun tí a ń fẹ́ kò sí ní 100. Àwọ̀ pupa rúsúrúsú yẹn, òórùn tó máa ń jẹ́ kí aládùúgbò na imú sókè, àti adùn tí ẹran bíbọ̀ kò ní, ibì kan náà ni wọ́n ti ń wá. Tí púrótéènì inú ẹran àti ìwọ̀nba ṣúgà tó wà nínú rẹ̀ bá pàdé níbi tó gbóná dáadáa, wọ́n máa ń dà pọ̀, wọ́n á sì bí oríṣiríṣi nǹkan tuntun tí kò sí lára ẹran tútù. Onímọ̀ kẹ́mísírì ará Faransé kan, Louis-Camille Maillard, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní 1912, orúkọ rẹ̀ sì ni wọ́n fi ń pè é títí di òní. Ẹ máa pè é ní Mayáà, ẹ má pe àwọn lẹ́tà tó kù. Nǹkan yìí lè ṣẹlẹ̀ níbi tí iná kò pọ̀, ṣùgbọ́n á falẹ̀ gan-an. Kí ó tó lè yára débi tí ojú wa á fi rí i láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú ẹran gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi 140 dígíríì. Ẹ wá wò ó: omi ti so ojú ẹran mọ́ 100, pípọ́n sì ń dúró dè é ní 140. Kò sí bí wọ́n ṣe máa pàdé àyàfi tí omi bá kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀.

Ẹnìkan lè wá sọ pé, “Ṣebí iná á gbẹ omi náà ni, kí ló kàn mí?” Iná á gbẹ ẹ́ lóòótọ́. Iye tó máa ná yín ni ọ̀rọ̀ wà. Ibí yìí ló ya èmi náà lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀. Láti mú gíráàmù omi kan láti 30 dígíríì dé 100, kálórì 70 péré ni a nílò. Ṣùgbọ́n láti sọ gíráàmù kan náà di èéfín, lẹ́yìn tó ti dé 100, kálórì tó tó 540 la máa ná. Ó lé ní ìlọ́po méje! Ìdí nìyí tí omi ìrẹsì fi máa ń tètè hó ṣùgbọ́n tí kì í tètè gbẹ. Mímú omi gbóná kì í ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Lílé e lọ ló ń jẹ gáàsì.

Kí n má baà máa fi ẹnu lásán sọ ọ́, mo gbé e yẹ̀ wò nílé lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Mo ra kílò méjì ẹran màlúù tí kò léegun, mo gé e sí bí ẹyọ ẹran ọbẹ̀ ṣe máa ń rí, mo fi iyọ̀, àlùbọ́sà àti atalẹ̀ díẹ̀ sè é fún ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo yọ ọ́ kúrò nínú omi, ó ti di 1,300 gíráàmù, torí ẹran máa ń sun omi dà sílẹ̀ tí iná bá ti mú un. Mo pín in sí ọ̀nà méjì, 650 gíráàmù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Páànù kan náà ni mo lò, ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 26. Ìdajì lítà òróró ẹ̀pà ni mo dà sí i, tó jìn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Mo sì ní ohun kékeré tí mo fi ń wọn bí òróró ṣe gbóná tó.

Ẹran àkọ́kọ́, mo ṣe é bí mo ṣe ṣe é níbi ìkómọ ọjọ́ yẹn. Látinú omi ẹran, ó di inú òróró 180, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, òróró ti já wálẹ̀ sí 104. Fọ́ọ́mù bo gbogbo ojú rẹ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko ló lò tí kò kọjá 115. Ìṣẹ́jú kẹrìnlá ni mo tó rí ibi kan tó fẹ́ pọ́n ní etí ẹran kan. Ìṣẹ́jú kẹrìnlélógún ni mo tó lè sọ pé ó dín. Nígbà tí mo gbé e lé òṣùwọ̀n, 395 gíráàmù ló kù, ó sì le.

Ẹran kejì, mo dà á sínú ajẹ̀rẹ̀ bó ṣe ń gbóná, mo gbọ̀n ọ́n, mo tẹ́ ẹ sórí àwo fún ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà mo fi tíṣù ilé ìdáná nù ún ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo tún un wọ̀n: 616 gíráàmù. Ìyẹn ni pé omi tó tó 34 gíráàmù ló ti kúrò lára rẹ̀, ó lé díẹ̀ ní ṣíbí ìjẹun ńlá méjì.

Ṣíbí méjì! Ẹ lè máa rò pé kí ni ìyẹn já mọ́. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti mú omi yẹn gbóná kí a sì sọ ọ́ di èéfín, kálórì tó lé ní 20,000 la máa ná. Òróró kì í di iná mú bí omi. Kálórì bíi ìdajì péré ni gíráàmù òróró kan máa ń pàdánù fún dígíríì kọ̀ọ̀kan tó bá fi wálẹ̀. Ìdajì lítà òróró mi wọ̀n tó 460 gíráàmù. Tó bá já láti 180 dé 100, nǹkan bíi kálórì 18,400 ló lè fi sílẹ̀. Nítorí náà, ká ní mo pa gáàsì ni, gbogbo gbígbóná tó wúlò nínú páànù yẹn ni ṣíbí omi méjì á jẹ tán, omi díẹ̀ á sì tún ṣẹ́kù. A ò tíì sọ ti ẹran fúnra rẹ̀ o. Gáàsì ń jó lábẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, á máa dá a padà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti rí ìdí tí òróró fi ṣubú dé 104 lójú mi.

Ìdí kejì tó fi ṣubú ni pípọ̀ ẹran. Ẹ wo ìwọ̀n wọn: ẹran 650, òróró 460. Ẹran ju òróró lọ! Ẹran tí kò gbóná tó o, tí omi sì pọ̀ nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé òun á jẹ gbígbóná ju bí òróró ṣe lè fúnni lọ. Kò yàtọ̀ sí kí èèyàn mẹ́wàá máa bọ́ra lórí abọ́ ìrẹsì ẹnì kan.

Nígbà tí mo wá dín ẹran kejì, ọ̀nà mẹ́ta ni mo pín in sí, nǹkan bíi 205 gíráàmù lẹ́ẹ̀kan, kò tó ìdajì ìwọ̀n òróró. Òróró wálẹ̀ láti 180 sí 152, kò débi tí mo ń bẹ̀rù. Láàárín ìṣẹ́jú méjì ó ti padà sí 170. Ní ìṣẹ́jú karùn-ún ẹran ti pọ́n, ní ìkẹfà mo kó o jáde. Mo dúró díẹ̀ kí òróró padà sí 180 kí n tó fi òmíràn sí i. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún. Ẹ ò rí i bí? Èyí tí mo dín lẹ́ẹ̀mẹ́ta yá ju èyí tí mo dín lẹ́ẹ̀kan lọ. Ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 455 gíráàmù, ó rọ̀ nínú, ó pọ́n níta.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ṣe é, nítorí náà nọ́ńbà tiyín lè yàtọ̀ sí tèmi. Ṣùgbọ́n 60 gíráàmù tó wà láàárín àwọn méjèèjì, lórí kílò ẹran kan tí a rà lọ́jà, ni mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tó ń ta ìrẹsì gbọ́ dáadáa. Owó ẹran ló gba ojú páànù lọ yẹn. Ibẹ̀ náà ni líle ẹran ti wá. Ẹran tó tutù lára gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú òróró kí omi ojú rẹ̀ tó tán, bó sì ṣe ń pẹ́, iná ń wọ inú rẹ̀ lọ, omi inú náà ń jáde. Nígbà tí ojú á bá fi pọ́n, inú ti gbẹ. Ẹran tí ojú rẹ̀ ti gbẹ tẹ́lẹ̀ á tètè pọ́n, a ó sì kó o jáde kí inú rẹ̀ tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà nínú fífún ẹran mọ́ra tí òṣùwọ̀n kò lè fi hàn. Èéfín omi gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Tí àyè bá wà láàárín ẹran, ó máa gba ibẹ̀ lọ sókè, ó tán. Tí ẹran bá fún mọ́ra, tí àwọn kan gun àwọn mìíràn lórí, èéfín ti ìsàlẹ̀ á máa se ti òkè, omi tí ti òkè ń sun á sì máa kán padà sórí ti ìsàlẹ̀. Nínú páànù tí òróró rẹ̀ kò jìn, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ìwọ̀n tí mo ń lò ni kí àyè tó fẹ̀ tó ìka kan wà láàárín ẹran kan àti èkejì. Nínú agbada tí òróró pọ̀ dáadáa, ẹ lè fi díẹ̀ kún un, torí pé òróró yí ẹran ká, ó sì ní gbígbóná púpọ̀ nípamọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá àwọn tó ń fi ìdérí bo páànù jà. Mo mọ̀ pé nítorí títa òróró ni. Ṣùgbọ́n èéfín á lu ìdérí, á di omi, á kán padà sínú òróró, òróró á wá ta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Asẹ́ onírin ni kí ẹ dojú rẹ̀ dé orí páànù, tí ẹ bá ní i. Èéfín á gba ojú rẹ̀ kọjá, òróró kò ní kọjá. Ẹran tó gbẹ lára gan-an kì í sì í ta púpọ̀. Omi tó bọ́ sábẹ́ òróró tó gbóná, tó sì yí padà di èéfín lójijì, òun ló ń ti òróró fò sókè. Òun ló sun mí ní ọwọ́. Ìwe adìẹ nìkan ni mo ń bẹ̀rù títí dòní, torí omi lè há sínú rẹ̀ kó sì bẹ́ gbàù bó ti wù kí ẹ nu ojú rẹ̀ tó.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ bí a ṣe ń gbẹ ẹ́. Ìgbà tí ẹran bá ṣì gbóná ni kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ má dúró kó tutù nínú omi rẹ̀. Gbígbóná tó wà nínú ẹran fúnra rẹ̀ á lé omi ojú rẹ̀ lọ, ẹ ò ná kọ́bọ̀ lé e. Ìdí tí ìyá alásè fi ní kí n máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ nìyẹn, kí atẹ́gùn lè máa gbé èéfín náà lọ. Ẹ má kó o jọ sínú abọ́, ẹ má sì dé e, torí yóò sun omi padà sí ara rẹ̀. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ fọwọ́ kàn án. Tí ó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ díẹ̀, ó ti tó. Ohun tó ń lẹ̀ yẹn, adùn omi ẹran tó gbẹ sí i lára ni, ó sì máa ń bá wa pọ́n, nítorí náà ẹ má ṣan ẹran náà. Ẹyọ tó bá ṣì ń dán fún omi ni kí ẹ nù.

Ọ̀ràn kan wà níbẹ̀ ṣá o. Tí kọ́rì, tíìmù tàbí ata gígún bá pọ̀ lára ẹran, àwọn yẹn á ti jó kí ẹran tó pọ́n. Ẹ lè rí i pé ẹran dúdú, kó jẹ́ pé èròjà ló jó, kí ó korò lẹ́nu, òróró náà á sì tètè dúdú. Ẹ gbọn àwọn yẹn kúrò nígbà tí ẹ bá ń nù ún.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé òróró ti gbóná tó láìní ohun èlò tí mo lò? Ẹ ju bíbẹ́ àlùbọ́sà kan sí i. Tó bá dákẹ́ sísàlẹ̀, ẹ dúró. Tó bá yára léfòó tó sì ń hó yíká etí rẹ̀, ẹ máa ba iṣẹ́ lọ. Tí òróró bá ti ń rú èéfín tirẹ̀, ó ti kọjá ààlà, ẹ dín iná kù. Lẹ́yìn tí ẹran bá ti wọ inú rẹ̀, etí yín ni kí ẹ máa lò. Ariwo tí ẹ ń gbọ́, omi tó ń lọ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ariwo á pọ̀. Bí omi ojú ẹran bá ṣe ń tán ni ariwo á máa rọlẹ̀, ìhó rẹ̀ á máa kéré, ìgbà yẹn gan-an ni àwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí yí padà. Tí ariwo bá wá ń dún wúruwúru bí ìkòkò ọbẹ̀, tí ìhó rẹ̀ tóbi, tí fọ́ọ́mù sì dé, ẹran ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ kó ìdajì rẹ̀ jáde, kò tíì bàjẹ́.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín kì í se ẹran kí ẹ tó yan án nínú páànù, pàápàá ẹran màlúù tí wọ́n gé pẹlẹbẹ. Ohun kan náà ni, àfi pé ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹran tútù ṣì ní gbogbo omi rẹ̀ nínú, nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹran tí kò lọ́ràá ló jẹ́ omi. Tó bá jẹ́ inú fìrísà ló ti wá, kí ó yọ́ tán pátápátá kí ẹ tó nù ún. Ẹ fi tíṣù tẹ̀ ẹ́ níhà méjèèjì títí tí tíṣù kò fi ní tutù mọ́, kí ẹ sì ju tíṣù náà nù, ẹ má fi aṣọ tí ẹ fi ń nu abọ́ ṣe é. Iyọ̀ náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí ẹ bá fi iyọ̀ sí i tí ẹ wá dúró bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iyọ̀ á ti fa omi jáde síta, àárín omi yẹn lẹ máa bá a. Yálà kí ẹ bu iyọ̀ sí i nígbà tó kù díẹ̀ kó wọ páànù, tàbí kí ẹ ti ṣe é láti alẹ́ àná, kí ẹ sì fi í sínú fíríìjì láìdé e. Á ti fa omi iyọ̀ náà padà, afẹ́fẹ́ fíríìjì á sì ti gbẹ ojú rẹ̀.

Tí ẹran tútù bá sì lẹ̀ mọ́ páànù, ẹ má fà á tipátipá. Tí ojú rẹ̀ bá ti pọ́n dáadáa, ó sábà máa ń tú fúnra rẹ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ẹnìkan lè ti sọ fún yín pé ìdí tí a fi ń jẹ́ kí ojú ẹran pọ́n ni láti ti omi mọ́ inú rẹ̀, bí ìgbà tí a ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́. Onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì kan, Justus von Liebig, ló gbé e lárugẹ láti bíi 1847, àwọn alásè sì gbà á. Kì í ṣe òótọ́. Ojú pípọ́n kò dí omi lọ́nà. Ẹ kàn gbọ́ ariwo ẹran tó ti pọ́n, ẹ ó mọ̀ pé omi ṣì ń jáde. Nítorí adùn ni a ṣe ń jẹ́ kó pọ́n. Ẹran rọ̀ nínú nígbà tí mo gbẹ ẹ́ nítorí pé kò pẹ́ lórí iná, kì í ṣe nítorí pé ilẹ̀kùn kan tì.

Ẹ̀gbọ́n tó fi ohùn ránṣẹ́, mo ti fi gbogbo èyí ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú kí n tó gba ètò yìí sílẹ̀. Èsì wọn dé lánàá. Wọ́n ní àwọn ti ra ajẹ̀rẹ̀ ńlá kan, ẹran ti ń pọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń bá àwọn dín in ń ráhùn pé àwọn ń dá òun dúró ṣáájú kí òróró tó padà gbóná láàárín ìpín kan sí èkejì. Ẹ sọ fún un pé kó máa fi àkókò yẹn nu ẹran tó kàn. Ẹ jẹ́ ká tún pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹja ni a ó fi ṣe é, pàápàá bí awọ rẹ̀ ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ páànù.